Iyọ̀ Tàbí Amọ̀? Ìṣeéṣe Onípele Nínú Wíwá Omi ní Lẹ́kí àti Ajah

Ilẹ̀ tó lọ láti Lẹ́kí dé Ajah wà láàárín omi méjì: òkun Àtìláńtíìkì wà ní gúúsù rẹ̀, ọ̀sà sì wà ní àríwá. Yanrìn ló pọ̀ jù níbẹ̀, ṣùgbọ́n amọ̀ wà láàárín yanrìn yìí ní ìpele ìpele. Bọ́hóòlù ni ọ̀pọ̀ ilé àti ẹ́sítéètì ibẹ̀ gbójú lé. Ìdí nìyẹn tí onílé fi máa ń bi agbẹ́kànga pé: omi tí a máa bá nísàlẹ̀, ṣé oníyọ̀ ni àbí omi dídùn? Ìlànà omi mímu ti Nàìjíríà kò fẹ́ kí kílóráìdì ju 250 mílígíráàmù lọ nínú lítà kan. Ìbéèrè onílé yìí ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé bí ìṣeéṣe ṣe ń yí padà bí ẹ̀rí kan ṣe ń tẹ̀ lé òmíràn, nítorí ibẹ̀ ni àṣìṣe kan tó wọ́pọ̀ ti ń fara hàn kedere.

Kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀, àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ máa ń gún irin mẹ́rin mọ́lẹ̀ lórí ìlà kan. Wọ́n á fi iná gba inú méjì tó wà lóde, wọ́n á sì wọn fóltéèjì láàárín méjì tó wà nínú. Bí wọ́n bá ṣe ń fa àwọn irin òde jìnnà síra, bẹ́ẹ̀ ni iná ń wọlẹ̀ sí i. Ilẹ̀ tí omi iyọ̀ wà nínú rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dènà iná, nítorí náà òǹkà kékeré ló ń gbé jáde. Ọ̀nà yìí ni A. A. Adepelumi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbà, nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2009, láti tọpasẹ̀ ibi tí omi iyọ̀ ti wọ inú omi dídùn lábẹ́ ilẹ̀ Lẹ́kí. Ibi tí wàhálà wà ni pé amọ̀ náà kì í dènà iná púpọ̀, kódà bí omi inú rẹ̀ kò bá níyọ̀. Òǹkà kékeré lè jẹ́ ti iyọ̀, ó sì lè jẹ́ ti amọ̀.

Àwọn nọ́ńbà tí mo máa lò láti ìsinsìnyí lọ, àbá lásán ni wọ́n. Mo yàn wọ́n kí ìṣirò lè rọrùn ni. Ká sọ pé 100 púlọ́ọ̀tì ló wà: 30 wà níhà òkun, ní agbègbè Òkun-Ajah, 50 wà láàárín, 20 wà lẹ́bàá ọ̀sà, ní ìhà Badore. Ká sọ pé omi iyọ̀ wà lábẹ́ 18 nínú àwọn tó wà níhà òkun, lábẹ́ 10 nínú àwọn tàárín, àti lábẹ́ 6 níhà ọ̀sà. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 34. Òfin àròpọ̀ ìṣeéṣe kò ju èyí lọ: a pín gbogbo ọ̀nà tí nǹkan lè gbà ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀ka tí kò wọnú ara wọn, a mọ ìṣeéṣe rẹ̀ nínú ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, a sì ro wọ́n pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ṣe tóbi tó.

Ẹni tí kò mọ ibi tí púlọ́ọ̀tì wà, 34 nínú 100 ló yẹ kó fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó mọ̀ pé àárín ló wà gbọ́dọ̀ fi 20 nínú 100 bẹ̀rẹ̀, torí pé 10 nínú 50 ni. Ìyẹn ni ìṣeéṣe onípò: ìṣeéṣe ohun kan lẹ́yìn tí a ti mọ òmíràn. Ká wá fi I dúró fún iyọ̀, ká fi D dúró fún omi dídùn, kí K sì jẹ́ òǹkà kékeré. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ nìyí:

P(I|K) = P(K|I)P(I) / [P(K|I)P(I) + P(K|D)P(D)]

Ohun tó wà lábẹ́ ìlà yẹn, òfin àròpọ̀ ìṣeéṣe ni. Inú àròkọ Thomas Bayes, tí Richard Price fi ránṣẹ́ fún títẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀, tó sì jáde ní 1763, ni ìpìlẹ̀ ìrònú yìí ti wá. Ṣùgbọ́n Gerd Gigerenzer àti Ulrich Hoffrage fi hàn ní 1995 pé bí a bá ka iye, tí a kò sọ ìdá, àwọn ènìyàn máa ń tètè rí ìdáhùn tó tọ́. Ọ̀nà tiwọn ni mo máa tọ̀.

Ẹ mú 100 púlọ́ọ̀tì, kí gbogbo wọn jẹ́ ti àárín. Iyọ̀ wà lábẹ́ 20, omi dídùn wà lábẹ́ 80. Ká sọ pé òǹkà kékeré máa jáde níbi 18 nínú 20 oníyọ̀, kó sì jáde níbi 20 nínú 80 tó kù, ìyẹn 25 nínú 100, nítorí amọ̀. Púlọ́ọ̀tì 38 ló ní òǹkà kékeré, 18 péré nínú wọn ló níyọ̀. Ìyẹn jẹ́ bíi 47 nínú 100. Ẹ̀rọ mú 90 nínú 100 oníyọ̀, síbẹ̀ ẹni tó gba òǹkà kékeré kò tíì lè sọ pé iyọ̀ ló ṣeé ṣe jù. David Eddy kọ ọ́ ní 1982 pé ọ̀pọ̀ dókítà máa ń da irú ìdá méjì yìí, P(K|I) àti P(I|K), pọ̀ bí wọ́n bá ń ka èsì àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ọmú.

Onílé tó bá gba 47 nínú 100 lè ní òun máa pe àwọn oníṣẹ́ mìíràn kí wọ́n tún irú àyẹ̀wò kan náà ṣe. Ká sọ pé òǹkà kékeré tún jáde. Ẹni tó bá tún lo 90 àti 25 bíi ti àkọ́kọ́ máa ṣírò pé iyọ̀ ti di bíi 76 nínú 100. Ìṣirò yìí kò tọ́. Ìdá 25 yẹn jẹ́ ti púlọ́ọ̀tì olómi dídùn tí a kò tíì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n 20 tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ wa ti kọjá àyẹ̀wò kan, amọ̀ ló sì gbé wọn kọjá. Amọ̀ náà kò kúrò níbẹ̀. Bí 18 nínú 20 yìí bá tún gbé òǹkà kékeré jáde, tí 16 sì ṣe bẹ́ẹ̀ nínú 18 oníyọ̀, ìyẹn 16 nínú 34, 47 nínú 100 náà la tún bá. Owó ti jáde, ìmọ̀ kò pọ̀ sí i. Ohun tí ìpele kejì ń béèrè ni P(K₂|K₁, D), kì í ṣe P(K₂|D).

Ẹ̀rí tó máa ṣiṣẹ́ níbí gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ń ya amọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára iyọ̀. Ọ̀kan ni kí a gbẹ́ ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kí a sì sọ ẹ̀rọ tó ń ka ìtànṣán gámà sínú rẹ̀. Amọ̀ máa ń tú ìtànṣán yìí jáde ju yanrìn lásán lọ, iyọ̀ inú omi kò sì ní nǹkan púpọ̀ í ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Ká sọ pé ẹ̀rọ náà pe 17 nínú 20 olómi dídùn ní amọ̀, tó sì ṣi 2 pè ní amọ̀ nínú 18 oníyọ̀. Bó bá sọ pé amọ̀ ni, iyọ̀ di 2 nínú 19, bíi 11 nínú 100. Bó bá sọ pé yanrìn ni, iyọ̀ di 16 nínú 19, bíi 84 nínú 100.

Òfin àròpọ̀ ìṣeéṣe náà la fi ń yẹ iṣẹ́ yìí wò. Ẹ ro èsì méjèèjì pọ̀: 2 àti 16 jẹ́ 18, 19 àti 19 jẹ́ 38. Ó padà sí 18 nínú 38 tí a ní kí ẹ̀rọ gámà tó wọlẹ̀. Bí àwọn èsì tí ẹ̀rí lè mú wá kò bá padà sí ohun tí a ní tẹ́lẹ̀, a jẹ́ pé a ti ka ẹ̀ka kan lẹ́ẹ̀mejì tàbí a ti gbàgbé ọ̀kan.

Ìṣirò yìí ní ààlà. Kì í ṣe gbogbo amọ̀ ni omi inú rẹ̀ dùn, ẹ̀ka amọ̀ oníyọ̀ sì máa nílò ìlà tirẹ̀. Bákan náà, kànga tí omi rẹ̀ dùn lónìí lè di oníyọ̀ bí fífà bá pọ̀ jù, torí omi iyọ̀ tó wà nísàlẹ̀ máa ń gòkè wá. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Lẹ́kí àti Ajah, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa tẹ òǹkà àwọn kànga tó já sí omi dídùn náà jáde, pẹ̀lú bí amọ̀ ibẹ̀ ṣe nípọn tó. Láìsí ìyẹn, kò sẹ́ni tó lè mọ nọ́ńbà tó yẹ kó rọ́pò 25 tí mo fi ṣe àbá yìí.