Àwòrán ìtẹ̀léra àti àkọsílẹ̀ ìran fún eré àwòrán ìṣẹ́jú kan lórí ọwọ́ fífọ̀

Àwòrán ìtẹ̀léra ni ọ̀wọ́ àwòrán kéékèèké tí ayàwòrán fi ń to eré láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí iṣẹ́ gidi tó bẹ̀rẹ̀. Àkọsílẹ̀ ìran ló ń tẹ̀ lé e: ó ń sọ bí ìran kọ̀ọ̀kan ṣe máa pẹ́ tó, ibi tí ojú kámẹ́rà wà àti ohun tí etí máa gbọ́. Ilé-iṣẹ́ Walt Disney ló sọ àwòrán ìtẹ̀léra di àṣà láàárín ọdún 1930 sí 1940.

Àkókò

Ìṣẹ́jú àáyá 60 péré ni eré náà ní, ọwọ́ fífọ̀ fúnra rẹ̀ sì máa ń gba ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀. Àríyànjiyàn wà lórí iye gan-an. Àjọ CDC ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní kí a fi ọṣẹ gbo ọwọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 20 ó kéré tán. Àjọ Ìlera Àgbáyé ka gbogbo ètò náà, títí ọwọ́ fi gbẹ, sí ìṣẹ́jú àáyá 40 sí 60. Ó dà bí ẹni pé irú ìdọ̀tí tó wà lọ́wọ́ náà ń kó ipa tirẹ̀.

Àpẹẹrẹ: ọgbà ilé-iṣẹ́ Ìkòròdú

Bí eré náà bá wà fún àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà ilé-iṣẹ́ tó wà ní Odogunyan, àkọsílẹ̀ rẹ̀ lè lọ báyìí:

- 0–6: Ọ̀ọ́kán. Ẹ̀rọ dákẹ́, ìgbà oúnjẹ tó.
- 6–12: Ìtòsí. Ọwọ́ tí gírísì ti sọ di dúdú fẹ́ bu ẹ̀bà, ó dúró.
- 12–18: Bọ́kẹ́ẹ̀tì tó ní ẹnu ẹ̀rọ, omi ń ṣàn, ọṣẹ kan ọwọ́.
- 18–38: Ìran márùn-ún, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin-mẹ́rin: àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀yìn ọwọ́, àárín ìka, àtàǹpàkò, èékánná.
- 38–46: Omi ṣan ọṣẹ kúrò, aṣọ mímọ́ nù ún.
- 46–60: Òṣìṣẹ́ jẹun, ọ̀rọ̀ ìparí hàn.

Láti orí èjìká ẹni tó ń fọwọ́ ni kí wọ́n ti ya ìran márùn-ún yẹn. Bí ọwọ́ bá kọjú sí òǹwòran, ọ̀tún á di òsì lójú rẹ̀, kò sì ní rọrùn láti ṣe bí ó ti rí i. Wọn kò gbọdọ̀ ya abọ́ tí gbogbo ènìyàn ń ki ọwọ́ bọ̀, torí omi tí ẹnì kan ti fọwọ́ sí ni ẹni tó tẹ̀ lé e ń lò.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé ohùn máa ń gùn ju àwòrán lọ, ìran ọwọ́ fífọ̀ ni wọ́n sì máa ń gé. Kí wọ́n tó yàwòrán, kí ẹnì kan ka ọ̀rọ̀ náà sókè pẹ̀lú aago lọ́wọ́. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú àáyá 60, ọ̀rọ̀ ni kí wọ́n gé.

Ìtàn

Ètò SAWBO, tó ń ṣe eré àwòrán ẹ̀kọ́, tó sì bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Illinois, máa ń lo àwòrán kan náà fún ọ̀pọ̀ èdè, Yorùbá pẹ̀lú. Ohùn nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀. Bọ́kẹ́ẹ̀tì inú àkọsílẹ̀ òkè yìí náà kò ṣàjèjì: nígbà tí Ẹ́bólà wọ Èkó ní oṣù keje ọdún 2014, bọ́kẹ́ẹ̀tì ìfọwọ́ gba ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì, ilé-ìwé àti ilé ìjọsìn. Ó tún padà síbẹ̀ nígbà Kòrónà ní 2020.