Àdín àti àwọn òróró amúrun-hù ní agbègbè Ìbàdàn

Àdín jẹ́ òróró tí a ń yọ láti inú èkùrọ́, ìyẹn ọmọ inú ẹyìn ọ̀pẹ. Ní àwọn abúlé àti ìlú kéékèèké tó yí Ìbàdàn ká, ní àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, ó wà lára àwọn òróró àtijọ́ tí a fi ń pa irun àti ara, pẹ̀lú òrí àti àdín àgbọn. Lóde òní, a tún ń rí i nínú ìgò kéékèèké, tí wọ́n ti pò ó mọ́ òróró lárà, àlùbọ́sà tàbí rósímárì, pẹ̀lú ìlérí pé yóò mú irun hù. Ohun méjì ni ìlérí náà dà pọ̀: kí irun hù, àti kí irun má já. Ẹ̀rí wà pé òróró kan lè ṣe èkejì. Fún èkíní, ẹ̀rí náà kò tó nǹkan.

Bí a ṣe ń ṣe é

Wọ́n máa ń pa èkùrọ́ gbígbẹ, wọ́n á ṣa ọmọ inú rẹ̀ kúrò lára èèpo, wọ́n á sì dín in nínú ìkòkò gbígbóná títí òróró yóò fi sun jáde. Iná yìí ló ń sọ ọ́ di dúdú, tó sì ń fún un ní òórùn tó dà bí ohun tó jóná. Èyí tí ẹ̀rọ bá fún láìdín in máa ń mọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì máa ń dì bí ọ̀rá nígbà ọyẹ́. Àwọ̀ dúdú kì í ṣe àmì agbára. Àmì iná ni. (Èèwọ̀ Èṣù ni àdín, nítorí náà àwọn ilé kan wà tí kì í gbé e sí ìtòsí ojúbọ rẹ̀.)

Ohun tí òróró lè ṣe àti èyí tí kò lè ṣe

Abẹ́ awọ ni gbòǹgbò irun wà, ibẹ̀ nìkan sì ni irun ti ń hù. Fọ́nrán tó ti yọ síta kò ní ẹ̀mí mọ́. A kò lè bọ́ ọ, àfi kí a dáàbò bò ó. Ìwádìí tí G. Loussouarn gbé jáde ní ọdún 2001 fi hàn pé irun àwọn ọ̀dọ́ tí orírun wọn jẹ́ Áfíríkà ń hù ní nǹkan bí ìdá mẹ́rin mìlímítà kan lójúmọ́, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 8 lóṣù. Ó lọ́ra ju irun àwọn aláwọ̀ funfun lọ. Irun wa tún ń lọ́ pọ̀, ó sì ń já níbi tó bá ti lọ́, pàápàá nígbà tí a bá ń yà á.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò kan ṣe àpẹẹrẹ. Irun obìnrin kan hù ní sẹ̀ǹtímítà 9 láàárín ọdún kan, ṣùgbọ́n sẹ̀ǹtímítà 7 já dànù ní ṣóńṣó. Gígùn tó rí jẹ́ 2 péré. Ní ọdún kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi òróró pa irun kó tó fọ̀ ọ́, jíjá sì dín kù sí 4. Irun náà hù ní 9 bíi ti àtẹ̀yìnwá, ṣùgbọ́n gígùn tó rí di 5. Olówò yóò ní òróró òun ló mú irun hù. Ojú obìnrin náà kò tàn án, irun rẹ̀ gùn sí i ní tòótọ́. Ìdí tí wọ́n sọ fún un ni kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lórí jíjá irun wá láti inú ìwádìí Rele àti Mohile ní ọdún 2003. Wọ́n fi àdín àgbọn wé òróró sunfúláwà àti òróró inú ilẹ̀, irú èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ ìpara irun. Àdín àgbọn nìkan ló dín purotéènì tí irun ń pàdánù nígbà fífọ̀ kù, yálà a fi pa á ṣáájú fífọ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ásíìdì lọ́ríìkì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó sì kéré débi tó fi ń wọ inú fọ́nrán. Nǹkan bí ìdajì ọ̀rá inú àdín èkùrọ́ náà jẹ́ ásíìdì yìí kan náà, nítorí náà ó bọ́gbọ́n mu láti retí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kọ́ ni wọ́n dán wò.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá òróró kan ń mú irun hù lè dán an wò fúnra rẹ̀. Kí ó di irun, kí ó fi òróró náà pa awọ orí ní apá ọ̀tún nìkan, kí ó sì wọn irun tuntun tó wà láàárín awọ orí àti ìdí dídì ní apá méjèèjì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bí wọ́n bá dọ́gba lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, òróró náà kò mú irun hù.

Àwọn èròjà tí wọ́n ń pò mọ́ ọn

Fún òróró lárà, kò sí ìwádìí tó dájú lórí ènìyàn tó fi hàn pé ó ń mú irun hù. Dídán ló ń mú irun dán. Ti àlùbọ́sà ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọdún 2002, wọ́n tẹ ìwádìí kan láti Bàgídáàdì jáde lórí àwọn tí orí wọn pá ní àbùlé-àbùlé. Ẹni 23 lo omi àlùbọ́sà, 15 sì lo omi lásán. Irun hù lórí 20 nínú àwọn ti ìṣáájú àti 2 nínú àwọn ti ìkẹyìn. Ìwádìí náà kéré, irú pípá bẹ́ẹ̀ sì máa ń san fúnra rẹ̀ nígbà mìíràn. Kò sọ ohunkóhun nípa ẹni tó fẹ́ kí irun òun gùn. Rósímárì ni wọ́n fi wé oògùn mínókísídíìlì ní ọdún 2015 lórí 100 ènìyàn fún oṣù mẹ́fà, èsì méjèèjì sì sún mọ́ra, ṣùgbọ́n kò sí ẹgbẹ́ kẹta tí kò lo nǹkan kan tí à bá fi wọ̀n wọ́n.

Ibi tí òróró ti ń dá ìtọ́jú dúró

Irun iwájú orí àti ti ẹ̀bátí tó ń ṣí nítorí dídì líle ni òróró amúrun-hù sábà máa ń bá pàdé. Àmì rẹ̀ ni ìrora lálẹ́ ọjọ́ tí a di irun, róró kéékèèké ní ìdí dídì, àti irun kúkúrú tó ṣẹ́kù ní etí iwájú orí. Ní ìpele yìí, bí a bá tú irun, tí a sì fi dídì líle àti àsopọ̀ tó wúwo sílẹ̀ fún oṣù díẹ̀, irun yóò padà. Bí awọ ibẹ̀ bá ti ń dán, tí kò sì sí ojú ihò irun mọ́, àpá ti dé abẹ́ rẹ̀, kò sì sí òróró tó lè mú un padà. Obìnrin tó bá ń fi àdín pa á lójoojúmọ́, tó sì ń di irun bíi ti tẹ́lẹ̀, ń lo àkókò tó ṣeé wò sàn náà tán.

Làpálàpá orí àwọn ọmọdé náà ń fẹ́ oògùn jíjẹ tí dókítà kọ, bíi gíríṣéófúlífìnì, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, nítorí pé inú fọ́nrán irun ni àrùn náà ń gbé. Òróró kì í pa á. Bí orí bá sì ń já funfun bí ìyẹ̀fun, tó ń yún, òróró lè mú un le sí i, nítorí pé ohun abẹ̀mí tín-ń-tín tó ń fà á, tó jẹ́ ẹbí olú, ọ̀rá ló ń jẹ.

Oògùn tó ní ẹ̀rí

Mínókísídíìlì bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Irun tó ń hù lára àwọn tó ń lò ó ló mú kí wọ́n sọ ọ́ di oògùn pípa. Ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún orí pípá ọkùnrin ní ọdún 1988. Ó ń ṣiṣẹ́ fún pípá tó wá láti ìdílé, kì í ṣe fún àpá. Ó kéré tán, oṣù mẹ́rin ni a ń lò ó kí a tó lè dá a lẹ́jọ́, irun sì lè kọ́kọ́ já sí i ní àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bí a bá dá a dúró, irun tó mú wá yóò tún lọ láàárín oṣù díẹ̀. Aláboyún àti ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú kò gbọdọ̀ lò ó.

Nọ́ńbà NAFDAC tó wà lára ìgò òróró fi hàn pé wọ́n forúkọ ọjà náà sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ohun ìṣaralóge ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún, nọ́ńbà náà kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ń mú irun hù.