Àpèjúwe àti Orúkọ Ìdámọ̀ Ìkànnì YouTube

Àpèjúwe ìkànnì àti orúkọ ìdámọ̀ jẹ́ àkọsílẹ̀ méjì tí ẹni tí ó ni ìkànnì lórí YouTube fi ń sọ ohun tí ìkànnì rẹ̀ dá lé, kí àwọn tí ń wá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè rí i. Orúkọ ìdámọ̀ ni ọ̀rọ̀ kúkúrú tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àmì @. Àkọlé rẹ̀ lójú ẹ̀rọ ni Handle. Àpèjúwe ni àlàyé tí kò lè ju lẹ́tà àti àmì 1,000 lọ. Àkọlé tirẹ̀ ni Description. Abala Customization nínú YouTube Studio ni a ti ń kọ méjèèjì, aráyé kì í sì í rí ohun tí a kọ títí a ó fi tẹ Publish.

## Ìyàtọ̀ láàárín orúkọ ìkànnì àti orúkọ ìdámọ̀

Ìkànnì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ méjì. Èkínní ni orúkọ ìkànnì fúnra rẹ̀, tí a kọ gàdàgbà sí òkè ojú ìwé. Ọ̀pọ̀ ìkànnì lè jẹ́ orúkọ kan náà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń jẹ́ Adé. Èkejì ni orúkọ ìdámọ̀, èyí tí YouTube gbé jáde ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2022. Ìkànnì méjì kò lè jọ ní orúkọ ìdámọ̀ kan náà. Òun ni ó ń di àdírẹ́sì ìkànnì, òun ni ó ń hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ tí ènìyàn bá kọ sábẹ́ fídíò, òun náà ni àwọn ẹlòmíràn fi ń dárúkọ ìkànnì náà nínú àpèjúwe fídíò tiwọn.

Kí orúkọ ìdámọ̀ tó dé, ìkànnì tí kò tíì ní olùtẹ̀lé 100 kò lè gba àdírẹ́sì tí a fi ọ̀rọ̀ kọ. Nísinsìnyí, gbogbo ìkànnì ni ó ní i. Ṣùgbọ́n bí olúwarẹ̀ kò bá yan tirẹ̀, YouTube lè yan ọ̀kan fún un, èyí tí ó sábà máa ń jẹ́ orúkọ ìkànnì náà tí a fi lẹ́tà àti nọ́ńbà tí kò ní ìtumọ̀ kún. Irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kò sọ ohunkóhun nípa iṣẹ́ ìkànnì, kò sì ṣeé há sórí.

## Ìlànà kíkọ orúkọ ìdámọ̀

Orúkọ ìdámọ̀ gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán lẹ́tà tàbí àmì 3, kò sì gbọdọ̀ ju 30 lọ. A lè lo lẹ́tà, nọ́ńbà, ìlà ìsàlẹ̀ (_), ìlà àárín (-) àti àmì ìdánudúró (.). Kò gbọdọ̀ jọ àdírẹ́sì ìtàkùn tàbí nọ́ńbà fóònù. Lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré kò mú ìyàtọ̀ wá: ẹni tí ó tẹ @IseyinOfi àti ẹni tí ó tẹ @iseyinofi ibì kan náà ni wọn yóò dé.

Yàtọ̀ sí ìlànà YouTube, ìdánwò kan wà tí orúkọ ìdámọ̀ tí ó dára gbọ́dọ̀ yege: kí ẹni tí ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lórí rédíò tàbí lẹ́nu ọ̀rẹ́, lè tẹ̀ ẹ́ láìṣìṣe. Ìlà ìsàlẹ̀ àti ìlà àárín máa ń ba ìdánwò yìí jẹ́, nítorí pé ẹni tí ń pe orúkọ náà ní láti dúró ṣàlàyé irú ìlà tí ó wà níbẹ̀. Nọ́ńbà náà ń dá ìṣòro sílẹ̀, nítorí pé olùgbọ́ kò mọ̀ bóyá 2 ni kí òun tẹ̀ tàbí "meji".

## Àmì ohùn nínú orúkọ ìdámọ̀

Ìkànnì tí ó bá fẹ́ lo ọ̀rọ̀ Yorùbá ní ìṣòro tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í fi àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ sórí fóònù. Bákan náà, lẹ́tà bíi "ẹ́" kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú ètò Unicode. Lẹ́tà àti àmì tí a so pọ̀ ni, ó sì ju ọ̀nà kan lọ tí a lè gbà so wọ́n pọ̀. Ọ̀rọ̀ méjì tí ojú rí bí ọ̀kan náà lè tipa bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ nínú ẹ̀rọ. Nítorí èyí, ó dára kí orúkọ ìdámọ̀ jẹ́ lẹ́tà lásán, kí a sì fi àmì sí orúkọ ìkànnì àti àpèjúwe bí ó ti yẹ.

Ṣùgbọ́n bí a bá yọ àmì kúrò, ìtumọ̀ lè sọnù. "Oko" láìní àmì lè jẹ́ oko tí a ń ro, ọkọ tí ó fẹ́ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń roko, tàbí ọkọ̀ tí a ń wọ̀. Ọ̀nà àbáyọ ni kí a fi ọ̀rọ̀ kejì gbè é. Ẹni tí ó rí @okoagbado kò ní ṣì í mú fún ìkànnì àwọn awakọ̀. Ìfàgùn fáwẹ́lì náà ń fẹ́ ìṣọ́ra: bí a bá so "aṣọ" àti "òkè" pọ̀, àwọn kan yóò tẹ "asooke", àwọn mìíràn yóò tẹ "asoke", ìdajì wọn yóò sì ṣìnà.

## Kíkọ àpèjúwe

Bí ènìyàn bá dé ojú ìkànnì, ìbẹ̀rẹ̀ àpèjúwe nìkan ni ó ń rí lábẹ́ orúkọ, ó ní láti tẹ "...more" kí ó tó rí ìyókù. Nígbà tí ìkànnì bá hàn nínú èsì ìṣàwárí lórí kọ̀mpútà, ìbẹ̀rẹ̀ yìí kan náà ni a ń rí. Nítorí náà, gbólóhùn àkọ́kọ́ ni ó ru ẹrù jù. Ó yẹ kí ó dárúkọ ohun tí ìkànnì ń ṣe gan-an, ibi tí ó ti ń ṣe é, àti ohun tí ó yà á sọ́tọ̀ láàárín àwọn tí ń ṣe irú rẹ̀.

Ìpínrọ̀ kejì ni ààyè láti sọ ẹni tí ìkànnì wà fún àti ìgbà tí fídíò tuntun ń jáde. Ìparí rẹ̀ lè gba ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn ń tẹ̀ láìfi àmì sí, ṣùgbọ́n inú gbólóhùn tí ó ní ìtumọ̀ ni kí wọ́n wà. Títo ọ̀rọ̀ jọ lásán, pàápàá èyí tí kò kan ìkànnì náà, ń rẹ olùkà, ìlànà YouTube sì lòdì sí àkọsílẹ̀ tí ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà.

## Àpẹẹrẹ: ìkànnì ahunṣọ kan ní Ìṣéyìn

Ká ní ahunṣọ kan ní Ìṣéyìn, ìlú tí a mọ̀ mọ híhun aṣọ òkè ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ń fi fídíò iṣẹ́ rẹ̀ sórí YouTube. Orúkọ ìkànnì rẹ̀ ni "Adé TV", orúkọ ìdámọ̀ rẹ̀ ni @adetv-x4k, àpèjúwe rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Ẹ káàbọ̀ sí ìkànnì mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ Subscribe." Ẹni tí ń wá bí a ti ń hun sányán lè kọjá níwájú ìkànnì yìí láìmọ̀ pé ibẹ̀ ni ohun tí òun ń wá wà. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó mẹ́nu kan aṣọ.

Nígbà tí ó tún un ṣe, ó sọ ìkànnì náà ní "Òfì Ìṣéyìn". Fún orúkọ ìdámọ̀, bí ó bá kọ @ofiiseyin, "i" méjì ni yóò tẹ̀ léra, olùgbọ́ sì lè gbàgbé ọ̀kan. Ó yí ọ̀rọ̀ méjèèjì padà sí @iseyinofi: lẹ́tà mẹ́sàn-án, láìsí ìlà, láìsí nọ́ńbà, láìsí lẹ́tà kan tí ó tẹ̀ léra. Àpèjúwe rẹ̀ wá di èyí:

```
Híhun aṣọ òkè lórí òfì ní Ìṣéyìn: sányán, àlàárì àti ẹtù,
láti orí òwú títí dé orí aṣọ tí a rán.

Ìkànnì yìí wà fún ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ ahunṣọ àti ẹni tí ó fẹ́ mọ
ojúlówó kí ó tó rà. Fídíò tuntun ń jáde ní ọjọ́ Sátidé.

Bí ẹ bá ń wá aso oke, aso ofi, sanyan, alaari tàbí etu
láti Iseyin, ibí ni iṣẹ́ náà ti ń jáde.
```

Gbólóhùn àkọ́kọ́ dárúkọ iṣẹ́, irinṣẹ́, ìlú àti oríṣi aṣọ mẹ́ta. Ìkẹyìn gba àwọn tí kì í fi àmì kọ̀wé mọ́ra. Bí ó bá ní oníbàárà nílẹ̀ òkèèrè tí kò gbọ́ Yorùbá, ó lè fi gbólóhùn kan ní èdè Gẹ̀ẹ́sì kún un, nítorí pé àpèjúwe yìí kò tíì dé ìdajì ààyè tí a fún un.

## Ìyípadà orúkọ ìdámọ̀ àti ewu rẹ̀

A lè yí orúkọ ìdámọ̀ padà lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ 14. Fún ọjọ́ 14 lẹ́yìn ìyípadà, YouTube ń tọ́jú orúkọ àtijọ́ fún ẹni tí ó ni ín, àdírẹ́sì àtijọ́ àti tuntun sì ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹlòmíràn lè mú orúkọ àtijọ́ náà. Ibí yìí ni ewu wà. Bí ahunṣọ náà bá ti tẹ orúkọ ìdámọ̀ rẹ̀ sára káàdì tàbí àpò ọjà, tí ó sì yí i padà, oníbàárà tí ó tẹ ohun tí ó rí lórí àpò lè bá ara rẹ̀ ní ìkànnì aláṣọ mìíràn.

Àdírẹ́sì kan wà tí kì í yí padà rárá: èyí tí a fi nọ́ńbà ìdámọ̀ ìkànnì ṣe, tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú UC.

```
youtube.com/@iseyinofi
youtube.com/channel/UC...
```

Ti òkè ni ó dára fún ẹnu àti etí. Ti ìsàlẹ̀ gùn, kò sì ṣeé há sórí, ṣùgbọ́n ó dára fún ohun tí ẹ̀rọ nìkan yóò kà, gẹ́gẹ́ bí àmì onígun mẹ́rin tí a ń fi kámẹ́rà fóònù yà.

## Ibi tí agbára wọn mọ

Orúkọ ìdámọ̀ àti àpèjúwe ń ran ẹni tí ó ti ń wá ìkànnì lọ́wọ́, wọ́n sì ń ran ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ojú ìwé lọ́wọ́ láti mọ̀ bóyá kí ó dúró. Wọn kì í ṣe iṣẹ́ àkọlé fídíò. Fídíò tí YouTube ń gbé síwájú ènìyàn dá lórí ohun tí onítọ̀hún ti ń wò àti bí àwọn òǹwòran ṣe ń gba fídíò náà. Àpèjúwe ìkànnì tí ó dára kò lè gba fídíò tí àkọlé rẹ̀ kò sọ nǹkan kan là.

Abala Analytics nínú YouTube Studio ni a ti lè rí èrè àtúnṣe. Lábẹ́ orísun òǹwòran, "YouTube search" ń fi ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn tẹ̀ kí wọ́n tó rí fídíò hàn, "Channel pages" sì ń fi iye ìwòran tí ó ti ojú ìwé ìkànnì wá hàn. Bí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ bá yàtọ̀ sí èyí tí ó wà nínú àpèjúwe, bí àpẹẹrẹ tí ọ̀pọ̀ wọn ń tẹ "aso ofi" tí gbólóhùn àkọ́kọ́ sì ń sọ "aṣọ òkè", gbólóhùn náà ni a ní láti tún kọ. Orúkọ ìdámọ̀ lè dúró bí ó ti wà.