Má-dí-mi-lọ́wọ́: Bí A Ṣe Ń Pa Fóònù Lẹ́nu Mọ́ Láìdínà Mọ́ Ẹni Tó Yẹ Kó Wọlé

Má-dí-mi-lọ́wọ́ ni ètò inú fóònù tí kì í jẹ́ kí ìpè àti àtẹ̀jíṣẹ́ dún fún àkókò tí olóhun bá là sílẹ̀. Orúkọ tó ń jẹ́ lójú fóònù ni `Do Not Disturb`. Kò jọ fóònù pípa, kò sì jọ `Airplane mode`. Bí a bá pa fóònù tàbí tí a fi sí `Airplane mode`, ó ti kúrò lórí nẹ́tíwọọ̀kì nìyẹn, kò sí ẹni tí ìpè rẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ wa, ì báà jẹ́ ọmọ, ì báà jẹ́ dókítà. Nínú Má-dí-mi-lọ́wọ́, ìpè ń dé bó ti máa ń dé, fóònù ló ń pinnu èyí tí yóò dún àti èyí tí yóò kọjá ní ìdákẹ́rọ́rọ́.

Àwọn ará Nàìjíríà mọ nǹkan mìíràn tó ń jẹ́ DND, ó sì yẹ kí a yà á sọ́tọ̀. Ní ọdún 2016 ni àjọ NCC, tó ń mójú tó iléeṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀, pàṣẹ pé kí gbogbo iléeṣẹ́ nẹ́tíwọọ̀kì lo nọ́ńbà 2442, kí àwọn oníbàárà lè kọ àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó. Ẹni tó bá fi `STOP` ránṣẹ́ sí 2442 ti kọ ìpolówó, ṣùgbọ́n kò dí ìpè ọ̀rẹ́ tàbí ti ará lóru. Iléeṣẹ́ nẹ́tíwọọ̀kì ló ń ṣiṣẹ́ ti 2442, fóònù ọwọ́ wa ló ń ṣiṣẹ́ ti Má-dí-mi-lọ́wọ́.

Iléeṣẹ́ Apple fi Má-dí-mi-lọ́wọ́ sínú àìfóònù ní ọdún 2012, nínú iOS 6. Ní ọdún 2021, nínú iOS 15, wọ́n sọ ọ́ di apá kan `Focus`, níbi tí èèyàn ti lè ní ìṣètò kan fún oorun àti òmíràn fún iṣẹ́. Áńdírọ́ìdì gba irú rẹ̀ wọlé nínú ẹ̀dà 5.0 ní ọdún 2014. Orí Áńdírọ́ìdì ni Tecno, Infinix àti Samsung tó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Emùré ní Èkìtì ń ṣiṣẹ́. Ibi tí wọ́n fi ètò yìí sí kò bára mu láti orí fóònù kan sí èkejì, nítorí náà ọ̀nà tó yá jù ni kí a ṣí `Settings`, kí a tẹ `Do Not Disturb` sínú àpótí ìwádìí òkè rẹ̀.

Ọ̀nà méjì ni ẹni tó ṣe kókó lè gbà wọlé. Èkínní ni orúkọ tí a yàn. Lórí Áńdírọ́ìdì, a ó ṣí orúkọ ẹni náà nínú ìwé nọ́ńbà wa, a ó tẹ àmì ìràwọ̀ tó wà níbẹ̀, lẹ́yìn náà a ó lọ sínú Má-dí-mi-lọ́wọ́, a ó sọ fún un pé ìpè `Starred contacts` nìkan ni kó jẹ́ kó dún. Lórí àìfóònù, a lè yan orúkọ wọn sínú `Focus`, tàbí kí a lo `Favorites`.

Ọ̀nà kejì ni ìpè àtúnpè, tí fóònù ń pè ní `Repeat callers`. Bí a bá ti tàn án, tí nọ́ńbà kan náà sì pè lẹ́ẹ̀kejì láàárín ìṣẹ́jú 15 lórí Áńdírọ́ìdì, tàbí láàárín ìṣẹ́jú 3 lórí àìfóònù, ìpè kejì yóò dún bí kò tilẹ̀ ní ìràwọ̀. Ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì ni pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ìròyìn pàjáwìrì ń wá láti orí nọ́ńbà tí a mọ̀. Ẹni tí bátìrì rẹ̀ ti kú yóò yá fóònù aládùúgbò, ẹni tí jàǹbá ọkọ̀ bá sì ṣẹlẹ̀ sí, fóònù alájòjì ni wọn yóò fi pe ilé rẹ̀.

Ká wo bí ó ṣe máa rí lọ́wọ́ ìyá kan tó jẹ́ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Bàbá rẹ̀ tó ti darúgbó wà ní Ìsẹ̀ pẹ̀lú ọmọbìnrin kan tó ń tọ́jú wọn. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wà ní Adó-Èkìtì, ọmọ rẹ̀ sì wà ní ìlú Houston ní Amẹ́ríkà. Ó fẹ́ sùn láti aago 10 alẹ́ sí aago 5 ìdájí.

Yóò ṣí `Schedules` nínú Má-dí-mi-lọ́wọ́, yóò yan gbogbo ọjọ́ méjèèje, yóò fi 10:00 PM síbi ìbẹ̀rẹ̀ àti 5:00 AM síbi òpin. Bí ó bá yọ ọjọ́ kan kúrò, kó rántí pé ọjọ́ tí òru náà bẹ̀rẹ̀ ni fóònù ń kà. Òru Jímọ̀ọ̀ tó mọ́ Sátidé, ti Jímọ̀ọ̀ ni.

Ta wá ni yóò gba ìràwọ̀? Ọmọbìnrin tó wà lọ́dọ̀ bàbá ni àkọ́kọ́, bí nọ́ńbà rẹ̀ bá sì jẹ́ méjì, kí méjèèjì wà lábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo. Aládùúgbò bàbá ni ìkejì, àbúrò ni ìkẹta. Ti ọmọ tó wà ní Houston ló gba àròjinlẹ̀. Láti oṣù Kẹta sí oṣù Kọkànlá, wákàtí 6 ni Nàìjíríà fi ṣáájú Houston, nígbà tó kù ó di 7. Bí ọmọ náà bá dé láti ibi iṣẹ́ ní aago 6 ìrọ̀lẹ́ tó ní kí òun kí ìyá òun, aago 12 òru tàbí aago 1 ló lù ní Ìkẹ́rẹ́ yẹn. Ìkíni lásán sì ni ọ̀pọ̀ irú ìpè bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe bí a ṣe fẹ́ràn ẹni tó ni ìràwọ̀ ń wí, bí kò ṣe bóyá ọ̀rọ̀ tí ẹni náà lè mú wá lè dúró di òwúrọ̀. Ìyá yìí lè má fi ìràwọ̀ sí orúkọ ọmọ rẹ̀, kó kàn sọ fún un pé, “Bí ọ̀rọ̀ bá le, pè mí lẹ́ẹ̀mejì léraléra.” `Repeat callers` yóò ṣe ìyókù.

Ilé ìjọsìn ní ìṣòro tirẹ̀. Má-dí-mi-lọ́wọ́ kì í dín ohùn ìpè tó bá gbà láàyè kù lórí ọ̀pọ̀ fóònù. Bí ìyá náà bá la aago 9 òwúrọ̀ sí 12 ọ̀sán ọjọ́ Àìkú sílẹ̀, tí ọmọbìnrin Ìsẹ̀ sì pè, fóònù yóò ké gbàmù láàárín ìwàásù. Àtúnṣe rẹ̀ ni kó fi fóònù sórí gbígbọ̀n kó tó wọ ṣọ́ọ̀ṣì, kó fi sínú àpò tí yóò ti mọ̀ ọ́n lára. Ìpè oníràwọ̀ yóò gbọ̀n, àwọn yòókù kò ní ṣe ohunkóhun. Aago ìjíni náà ń bẹ níbẹ̀: Má-dí-mi-lọ́wọ́ sábà máa ń jẹ́ kó dún. Fún òru, èyí dára. Fún ìsìn, ó yẹ kí a lọ sínú ìṣètò ọjọ́ Àìkú kí a yọ ọ́, bí fóònù bá gbà kí ìṣètò kọ̀ọ̀kan ní òfin tirẹ̀.

Láti orí gbígbọ̀n yẹn ni àṣìṣe tó burú jù ti ń wá. Èèyàn fi fóònù sórí gbígbọ̀n ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó gbàgbé láti dá a padà, ó sì sùn. Ìṣètò òru bẹ̀rẹ̀ ní aago 10 bó ti yẹ, ìràwọ̀ wà níbi tó wà, síbẹ̀ ìpè láti Ìsẹ̀ kàn gbọ̀n lórí tábìlì láìjí ẹnikẹ́ni. Ìràwọ̀ ń ṣí ọ̀nà fún ìpè, kì í gbé ohùn fóònù sókè. Àìfóònù ní ọ̀nà àbáyọ kan tó yanjú: nínú orúkọ ẹni náà, lábẹ́ `Ringtone`, `Emergency Bypass` wà níbẹ̀, tí yóò jẹ́ kí ìpè ẹni yẹn dún bí fóònù tilẹ̀ wà lórí ìdákẹ́.

Fún àwọn Mùsùlùmí, ìrun Jímọ̀ọ̀ rọrùn láti là sílẹ̀, nítorí mọ́sálásí kọ̀ọ̀kan ní aago tó ń tẹ̀ lé. Àkókò ìrun Màgàríbì kì í dúró lójú kan. Ní agbègbè Èkìtì, nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 ni oòrùn oṣù Kọkànlá fi ń yára wọ̀ ju ti oṣù Keje lọ. Ìṣètò tí a ṣe ní oṣù Keje yóò bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìrun oṣù Kọkànlá ti parí. Ó dára kí a fún un ní àyè bíi wákàtí kan, tàbí kí a fọwọ́ tan Má-dí-mi-lọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú 30, kó sì pa ara rẹ̀.

Ti ìpàdé lè tẹ̀ lé kàlẹ́ńdà fóònù. Olùkọ́ ní Yunifásítì Bámidélé Olúmilúà ní Ìkẹ́rẹ́ tó ń kọ ìpàdé rẹ̀ sínú kàlẹ́ńdà lè yan ìṣètò tí ń wo ìṣẹ̀lẹ̀ dípò aago, fóònù yóò sì dákẹ́ nígbà tí ìpàdé bá bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìpàdé tí a kò kọ síbẹ̀, fóònù kò mọ̀ ọ́n. Èyí tó sì kọjá àkókò rẹ̀, fóònù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dún kí alága tó sọ pé ó parí. Fún ìpàdé alájẹṣẹ́kù tó máa ń gùn, kí a fi wákàtí kan kún un.

Ìpè Wọsáàpù kì í tẹ̀ lé òfin kan náà lórí gbogbo Áńdírọ́ìdì. Ìràwọ̀ lè ṣiṣẹ́ fún ìpè lásán, kó má ṣiṣẹ́ fún un, bí a bá sì ti pa dátà kí a tó sùn, kò ní dé rárá. Ìpè lórí nọ́ńbà gan-an ni kí a ní kí wọ́n máa lò fún pàjáwìrì. Ìpè àtúnpè náà ní ààlà: ẹni tó pè lórí síìmù kan tó sì fi èkejì pè padà, ìpè ẹ̀ẹ̀kan-ẹ̀ẹ̀kan ni fóònù lè kà á sí, kó má sì dún.

Fóònù kékeré oníbọ́tìnnì sábà máa ń ní ìdákẹ́ nìkan, kì í ní ìràwọ̀. Ohun tí àwọn tó ní fóònù méjì lè ṣe ni kí wọ́n pa ti ńlá lẹ́nu mọ́, kí wọ́n jẹ́ kí kékeré máa dún, kí ó sì jẹ́ pé ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré ló mọ nọ́ńbà rẹ̀. Kó ní iná nínú, kó sì wà níbi tí nẹ́tíwọọ̀kì ti ń wọlé.

Kí a tó gbẹ́kẹ̀ lé ìṣètò kankan, kí a kọ́kọ́ ṣe ìdánwò ìṣẹ́jú díẹ̀. Kí a tan Má-dí-mi-lọ́wọ́ ní ọ̀sán, kí a ní kí ẹni tó ní ìràwọ̀ pè: ó gbọ́dọ̀ dún. Bí kò bá dún, kí a wo ohùn fóònù kí a tó wo ìràwọ̀. Kí ẹni tí kò ní ìràwọ̀ pè lẹ́ẹ̀kan: kò gbọ́dọ̀ dún. Kí ó tún pè lójú ẹsẹ̀: ó gbọ́dọ̀ dún. Bí ìpè àkọ́kọ́ rẹ̀ bá dún, ìṣètò kò tíì bẹ̀rẹ̀, tàbí gbogbo orúkọ inú fóònù ni a ti gbà láàyè dípò oníràwọ̀ nìkan.