Àdàkọ Kúrómósómù àti Ìpín-sí-méjì Sẹ́ẹ̀lì Bakitéríà

Bakitéríà máa ń gùn títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, lẹ́yìn náà ni yóò pín láàárín. Ìpín-sí-méjì ni à ń pè é. Kí ó tó pín, ó gbọ́dọ̀ ti ṣe àdàkọ kúrómósómù rẹ̀, torí pé ọmọ tí kò bá gba odindi kúrómósómù kan kò lè dàgbà, kò sì lè bí ọmọ mìíràn. Ọ̀ràn tí àyọkà yìí dá lé ni bí iṣẹ́ méjèèjì yìí, àdàkọ àti pípín, ṣe ń bára wọn rìn nínú Escherichia coli, bakitéríà tó ń gbé inú ìfun ènìyàn àti ẹran. Òun ni a mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jù nínú ọ̀ràn yìí. Àwọn bakitéríà mìíràn ní ìlànà tiwọn, wọn kì í sì í ṣe gbogbo ohun tí a ó sọ níhìn-ín.

Kúrómósómù E. coli rí roboto bí òrùka, bí a bá sì ka lẹ́tà inú DNA rẹ̀ ní méjìméjì bí wọ́n ṣe so pọ̀, wọ́n tó mílíọ̀nù 4.6. Bí a bá nà án gbọọrọ, yóò gùn tó mílímítà kan àti ààbọ̀, bẹ́ẹ̀ sẹ́ẹ̀lì tó gbé e sínú kò ju nǹkan bíi maikirómítà 2 sí 4 lọ. Ibì kan ṣoṣo lára òrùka yìí ni àdàkọ ti ń bẹ̀rẹ̀, oriC sì ni orúkọ ibẹ̀. Láti oriC ni oríta méjì ti ń gbéra, ọ̀kan gba apá ọ̀tún, èkejì gba apá òsì, wọn a sì pàdé ní òdìkejì òrùka. Oríta kọ̀ọ̀kan máa ń da nǹkan bí 1,000 ìsopọ̀ lẹ́tà kọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Mílíọ̀nù 2.3 ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí náà 2,300 ìṣẹ́jú àáyá ni iṣẹ́ náà ń gbà, ìyẹn ó dín díẹ̀ ní 40 ìṣẹ́jú. Tí àdàkọ bá parí, nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú tún máa ń kọjá kí sẹ́ẹ̀lì tó já sí méjì. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 60 ìṣẹ́jú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú nìyí. Nínú omi tí oúnjẹ kún inú rẹ̀ dáadáa, tó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ènìyàn, E. coli máa ń pín ní ogún ìṣẹ́jú ogún ìṣẹ́jú. Báwo ni ohun tí ìpèsè rẹ̀ ń gba wákàtí kan ṣe ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín wákàtí kan náà? Oríta kì í sáré ju bẹ́ẹ̀ lọ nítorí pé oúnjẹ pọ̀.

Ní ọdún 1968 ni Stephen Cooper àti Charles Helmstetter dáhùn ìbéèrè náà. Ọgbọ́n tí Helmstetter dá ló ṣí ọ̀nà. Ó jẹ́ kí àwọn sẹ́ẹ̀lì lẹ̀ mọ́ asẹ́ pẹlẹbẹ kan, ó dojú asẹ́ náà délẹ̀, ó sì ń da omi oúnjẹ gba orí rẹ̀ kọjá. Bí sẹ́ẹ̀lì kan bá ti pín, ọmọ kan á ṣì lẹ̀ mọ́ asẹ́, èkejì á jábọ́ sínú omi tó ń ṣàn jáde. Àwọn tó bá jábọ́ ní ìṣẹ́jú kan náà, ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ọmọ yìí, wọ́n ti fún àwọn ìyá wọn ní taimidínì olóró ìtànṣán fún ìgbà díẹ̀, èyí tí DNA tó ń di àdàkọ lọ́wọ́ máa ń gbà wọlé. Ìwọ̀n ìtànṣán tí wọ́n bá lára ọmọ tó kọ́kọ́ jábọ́ sọ bí àdàkọ ṣe ń lọ sí lára ìyá tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pín nígbà tó jẹ taimidínì. Ti ọmọ tó jábọ́ kẹ́yìn sọ ti ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé nígbà náà. Bí wọ́n ṣe to ọjọ́ orí sẹ́ẹ̀lì jọ nìyẹn láìfojú rí ọ̀kankan nínú wọn.

Ohun tí wọ́n rí ni pé bakitéríà kì í dúró kí àdàkọ kan parí kó tó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ẹ jẹ́ ká mú sẹ́ẹ̀lì tó ń pín ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹ̀ wò. Ní ìṣẹ́jú tó dáyé, kúrómósómù kan ló bá nínú ara rẹ̀, ṣùgbọ́n àdàkọ ti ń lọ lórí rẹ̀ láti 30 ìṣẹ́jú sẹ́yìn, nígbà tí ìyá rẹ̀ dáyé. Àwọn oríta ti rin ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ọ̀nà, oriC sì ti di méjì. Ojú ẹsẹ̀ náà ni àdàkọ tuntun bẹ̀rẹ̀ lórí oriC méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n di mẹ́rin. Ní ìṣẹ́jú 10, àdàkọ àtijọ́ parí: kúrómósómù di méjì, oríta tuntun sì ti rin ìdá kan nínú mẹ́rin lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn 20 ìṣẹ́jú sí i, sẹ́ẹ̀lì pín. Ọmọ kọ̀ọ̀kan gba kúrómósómù kan tí oríta ti rin ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin lórí rẹ̀, bí ìyá wọn gan-an ṣe bá tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 20 ìṣẹ́jú ni sẹ́ẹ̀lì fi ń pín, àdàkọ tí yóò mú kó pín ti bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ìyá àgbà rẹ̀ dáyé, bí bàbá àgbà tó gbin obì tí ọmọ ọmọ rẹ̀ wá ń ká.

Nítorí náà, kò sí wàhálà lórí àkókò, bí ìbẹ̀rẹ̀ bá ṣáà ti ń wáyé lẹ́ẹ̀kan péré láàárín ìpín kan àti èkejì. Èwo ló ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé àsìkò tó láti bẹ̀rẹ̀? Ní ọdún 1968 kan náà ni William Donachie fi ìṣirò Cooper àti Helmstetter pọ̀ mọ́ ohun tí Schaechter, Maaløe àti Kjeldgaard ti wọ̀n ní Copenhagen ní ọdún 1958, pé bí bakitéríà bá ṣe ń yára dàgbà sí ni ara rẹ̀ ń tóbi sí. Ó rí i pé bí a bá pín ìwọ̀n ara sẹ́ẹ̀lì sí iye oriC tó wà nínú rẹ̀ ní àsìkò tí àdàkọ ń bẹ̀rẹ̀, iye kan náà ni ó máa ń jẹ́, ì báà jẹ́ sẹ́ẹ̀lì tó ń yára, ì báà jẹ́ èyí tó ń falẹ̀. Ara ni sẹ́ẹ̀lì ń wò, kì í wo aago.

Purotéènì tí ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ìbẹ̀rẹ̀ yìí ni DnaA. Èyí tó bá di ATP mú nínú wọn ló lágbára láti ṣiṣẹ́. Bí ara sẹ́ẹ̀lì bá ṣe ń pọ̀ sí i ni wọ́n ń kó jọ sórí oriC, títí wọ́n á fi la apá kan DNA ibẹ̀, kí ẹ̀rọ àdàkọ lè ráyè wọlé. Ìṣòro wá ni pé oriC tuntun méjì ti wà nílẹ̀ báyìí, DnaA kò sì tíì tán nínú sẹ́ẹ̀lì. Kí ló ń dí i lọ́wọ́ kó má tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn lójú ẹsẹ̀? Àmì kan ni. E. coli máa ń fi àmì mẹ́táílì sí ara lẹ́tà GATC lórí okùn DNA méjèèjì, ṣùgbọ́n okùn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dà kọ kì í ní i fún ìgbà díẹ̀. Irú GATC bẹ́ẹ̀ mọ́kànlá ló wà nínú oriC. Purotéènì SeqA máa ń mọ DNA tí okùn rẹ̀ kan ní àmì tí èkejì kò ní, á sì bò ó mọ́lẹ̀ fún nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àkókò ìdàgbàsókè sẹ́ẹ̀lì. Láàárín ìgbà yẹn, purotéènì mìíràn tí ń jẹ́ Hda, tó ń bá ẹ̀rọ àdàkọ ṣiṣẹ́, ti ń sọ ATP ara DnaA di ADP, agbára rẹ̀ sì ń rọ.

A lè rí i kedere bí ìdènà yìí bá bàjẹ́. Ní Oslo, Kirsten Skarstad, Erik Boye àti Harald Steen gbé ọ̀nà kan jáde ní ọdún 1986. Wọ́n á fi rifampisínì dá ìbẹ̀rẹ̀ tuntun dúró, àwọn oríta tó wà lójú ọ̀nà yóò sì rìn dé òpin. Lóde òní, a máa ń fi sẹfalẹ́sínì kún un kí sẹ́ẹ̀lì má bàa pín. Lẹ́yìn wákàtí bíi mélòó kan, a óò fi àwọ̀ tó ń tàn kun DNA, ẹ̀rọ yóò sì wo sẹ́ẹ̀lì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iye kúrómósómù tí a bá bá nínú sẹ́ẹ̀lì ni iye oriC tó ní nígbà tí oògùn dé. Sẹ́ẹ̀lì wa tó ń pín ní 30 ìṣẹ́jú yóò ní mẹ́rin. Lára sẹ́ẹ̀lì tó péye, 2, 4 tàbí 8 ni ènìyàn ń rí, torí gbogbo oriC inú sẹ́ẹ̀lì jọ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Lára èyí tí SeqA rẹ̀ bàjẹ́, a óò rí 3, 5, 6 àti 7.

Títí dé ibí, àdàkọ nìkan la ń sọ. Pípín ní irinṣẹ́ tirẹ̀: purotéènì FtsZ máa ń to ara rẹ̀ bí òrùka sí abẹ́ awọ sẹ́ẹ̀lì, ibi tí òrùka náà bá sì wà ni sẹ́ẹ̀lì ń fún wọlé títí á fi já. Ohun méjì ló ń yan ibẹ̀ fún un. Àkọ́kọ́ ni àwọn purotéènì Min, tí wọn kì í fẹ́ òrùka nítòsí wọn. Wọ́n máa ń sáré láti ìkángun kan sẹ́ẹ̀lì dé èkejì, wọn a sì padà, láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Àárín ni wọ́n kì í pẹ́ sí, ibẹ̀ ló sì ń ṣófo fún òrùka. Bí Min kò bá sí, sẹ́ẹ̀lì lè pín nítòsí ìkángun, á sì já ọmọ kékeré kan sọnù tí kò ní kúrómósómù rárá. Ìkejì ni SlmA, èyí tó ń dì mọ́ kúrómósómù níbi púpọ̀, tó sì ń lé òrùka sẹ́yìn níbikíbi tí DNA bá pọ̀ sí. Ohun tó wú mi lórí jù nínú gbogbo ètò yìí wà níbí: SlmA kò ní ibi tó ń dì mọ́ ní agbègbè ìparí àdàkọ. Nígbà tí oriC méjèèjì bá ti lọ sí apá wọn, tó wá jẹ́ pé agbègbè ìparí nìkan ló kù láàárín sẹ́ẹ̀lì, òrùka ráyè dúró. Purotéènì FtsK tó wà ní ojú òrùka náà yóò wá máa fa ìyókù DNA sí ẹ̀gbẹ́ tó yẹ kí ògiri tó pa dé.

Bí DNA bá já nígbà tí àdàkọ ń lọ, bí síprò ṣe máa ń fa irú ìpalára bẹ́ẹ̀, pípín gbọ́dọ̀ dúró. Sẹ́ẹ̀lì a tètè ṣe purotéènì SulA, tó máa ń di FtsZ mú kí òrùka má lè tò. Ara rẹ̀ á máa gùn láìpín, débi pé lábẹ́ maikirosikópù a óò rí i bí okùn gígùn láàárín àwọn tó kúrú. Nígbà tí àtúnṣe bá parí, ẹnsáìmù Lon, tí kì í jẹ́ kí SulA pẹ́, á gé ìyókù rẹ̀ wẹ́wẹ́, pípín á sì padà.

Ohun kan ṣì wà tí àwọn onímọ̀ kò fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Láti nǹkan bí ọdún 2014 ni a ti mọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì E. coli, ì báà kéré ì báà tóbi nígbà tó dáyé, iye gígùn kan náà ni yóò fi kún ara rẹ̀ kó tó pín. Ṣé àdàkọ ló ń ka ìwọ̀n yìí, tí pípín wá ń tẹ̀ lé e, àbí kálukú wọn ń ka tirẹ̀? Ní ọdún 2019, ẹgbẹ́ olùwádìí kan ní San Diego sọ pé kálukú ló ń ka tirẹ̀: FtsZ tó kó jọ tó ìwọ̀n kan ló ń mú kí sẹ́ẹ̀lì pín, láìka ìgbà tí àdàkọ bẹ̀rẹ̀ sí. Ní ọdún kan náà, ẹgbẹ́ mìíràn ní Basel tẹ̀ lé sẹ́ẹ̀lì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lábẹ́ maikirosikópù, wọ́n sì sọ pé láti ìgbà tí àdàkọ bá ti bẹ̀rẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì ti ń ka bí yóò ṣe dàgbà tó kó tó pín. Àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì ní ìwọ̀n tó dára lọ́wọ́. Ibi tí wọ́n ti yà ni èwo nínú àwọn ìwọ̀n náà ni kò gbára lé èkejì, èyí sì ṣòro láti mọ̀ lára sẹ́ẹ̀lì tí gbogbo nǹkan inú rẹ̀ jọ ń dàgbà pọ̀.