Bí Mẹ́tánì, Ẹ́tẹ́nì àti Ẹ́tánọ́lù Ṣe Gba Orúkọ

Ní 1835, Jean-Baptiste Dumas àti Eugène Péligot, onímọ̀ kẹ́mísìrì méjì ní ilẹ̀ Faransé, tẹ ìwádìí wọn jáde lórí omi kan tó máa ń sẹ̀ jáde tí wọ́n bá dé igi mọ́ inú ìkòkò, tí wọ́n sì dáná sí i nídìí. Ó ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti mọ omi náà. Ó ń gbiná bí ọtí líle, òórùn rẹ̀ sì fara jọ ti ọtí. Ohun tí àwọn méjèèjì fi hàn ni pé mọ̀lẹ́bí ọtí ni lóòótọ́, nítorí pé bí èròjà inú wáìnì ṣe máa ń ṣe tí wọ́n bá da ásíìdì pọ̀ mọ́ ọn ni omi inú igi yìí náà ṣe. Wọ́n mú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó dúró fún wáìnì, wọ́n so ó mọ́ èyí tí wọ́n lò fún igi, wọ́n sì fi ṣe orúkọ. Ibẹ̀ ni “mẹ́t-” tó wà níwájú mẹ́tánì àti mẹ́tánọ́lù ti wá.

Bí a ṣe ń pe ọmọ tó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé ní Òjó ni àwọn onímọ̀ ìgbà náà ṣe ń sọ nǹkan lórúkọ: ọ̀nà tó gbà wá ni wọ́n ń wò. “Ẹ́t-” wá láti ara ítà, omi tó tètè máa ń fò lọ, tí wọ́n ń fi ọtí àti ásíìdì ṣe. “Bút-” wá láti ara bọ́tà, nítorí pé inú bọ́tà tó ti bàjẹ́ ni onímọ̀ kẹ́mísìrì Chevreul ti rí ásíìdì oníkábọ́ọ̀nù mẹ́rin. “Próp-” ló dé kẹ́yìn nínú wọn. Ní 1847, Dumas àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì tó túmọ̀ sí “ọ̀rá àkọ́kọ́” pe ásíìdì oníkábọ́ọ̀nù mẹ́ta. Ẹ rí i pé kò sí ìkankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó jẹ́ iye. Ìdí nìyẹn tí akẹ́kọ̀ọ́ fi gbọ́dọ̀ há mẹ́t-, ẹ́t-, próp- àti bút- sórí, pé ọ̀kan, méjì, mẹ́ta àti mẹ́rin ni wọ́n. Láti orí márùn-ún lọ, iye ló kù, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní èdè Gíríìkì, bíi ti pẹ́ńtánì.

Ẹni tó kọ́kọ́ to ìparí orúkọ wọ̀nyí lẹ́sẹẹsẹ ni August Wilhelm Hofmann, ọmọ Jámánì tó ti kọ́ni ní Lọ́ńdọ̀nù fún ogún ọdún. Ní 1866 ó dá a lábàá pé kí wọ́n máa lo fáwẹ̀lì bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra nínú álífábẹ́ẹ̀tì. Èyí tí háídrójìn kún inú rẹ̀ dẹ́múdẹ́mú, irú C₂H₆, yóò parí sí -ánì. Tí háídrójìn méjì bá kúrò, tó di C₂H₄, yóò parí sí -ẹ́nì. Tí méjì mìíràn bá tún kúrò, tó di C₂H₂, ó di -ínì. Ó ní àwọn yòókù tó fi o àti u parí, àmọ́ wọn kò rọ́wọ́ mú. Ó tiẹ̀ fẹ́ kí oníkábọ́ọ̀nù mẹ́rin máa jẹ́ “kuatánì”, láti ara iye ní èdè Látìn, ṣùgbọ́n bútánì ló borí. Lójú tèmi, ọgbọ́n ńlá ni ti fáwẹ̀lì yẹn. Kí ó tó dé, “afẹ́fẹ́ tó ń di òróró” ni wọ́n ń pe ẹ́tẹ́nì, torí pé òróró ló ń di tí wọ́n bá dà á pọ̀ mọ́ kílórínì. Orúkọ yẹn kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé ìbátan ẹ́tánì ni.

Ìpàdé Jẹ̀nífà ní oṣù kẹrin ọdún 1892 ló sọ àbá di òfin. Onímọ̀ 34 ló jókòó, Charles Friedel sì ni alága. Ohun tó ń dùn wọ́n ni pé ohun kan ṣoṣo lè ní orúkọ mẹ́ta nínú ìwé mẹ́ta, tí olùwá kò sì ní mọ ibi tí yóò ti wá a. Wọ́n pinnu pé ẹ̀wọ̀n kábọ́ọ̀nù tó gùn jù lọ ni yóò máa fún nǹkan ní ìdí orúkọ, àti pé álíkóhọ́ọ̀lù yóò máa parí sí -ọ́lù.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀kan dán òfin náà wò:

CH₃–CH₂–CH(OH)–CH₃

Ẹ kọ́kọ́ wá ohun tó yàtọ̀ sí kábọ́ọ̀nù àti háídrójìn lásán. OH ló wà níbẹ̀, nítorí náà álíkóhọ́ọ̀lù ni, -ọ́lù ni yóò sì parí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ka ẹ̀wọ̀n tó gùn jù lọ tí OH dì mọ́. Kábọ́ọ̀nù mẹ́rin ni, ó di bút-. Ìsopọ̀ ẹyọ kan ni gbogbo kábọ́ọ̀nù fi di ara wọn mú, nítorí náà bútán- ni. Ó wá ku ibi tí OH wà. Tí ẹ bá kà láti ọwọ́ òsì, orí ẹ̀kẹta ló wà. Láti ọwọ́ ọ̀tún, orí èkejì. Iye tó kéré ni ẹ ó mú: bútán-2-ọ́lù. Bútán-3-ọ́lù kò sí rárá. Ẹni tó bá kọ ọ́ kàn gba ẹ̀yìn kà ni. Àwọn ìwé àtijọ́ máa ń gbé 2 síwájú orúkọ, àtúnṣe 1993 ló sún un mọ́ ìparí tó ń tọ́ka sí.

Àwòrán tó wọ́ ló máa ń tan èèyàn jẹ jù. Wọ́n lè kọ ohun kan náà bíi CH₃–CH(C₂H₅)–OH. Ẹni tó bá ka ìlà gbọọrọ nìkan yóò rí kábọ́ọ̀nù méjì, yóò sì pè é ní ẹ́tánọ́lù tó ní ẹ̀ka. Ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n lè yà gba inú àkámọ́. Ẹ fi ìka tọ̀ ọ́, mẹ́rin náà ni yóò jẹ́.

OH yẹn, tàbí ìsopọ̀ ọlọ́nà méjì C=C tó wà nínú àwọn álíkẹ́nì, ni à ń pè ní ẹgbẹ́ aṣiṣẹ́, torí pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti ń ṣẹlẹ̀. Álíkánì kò ní ọ̀kankan. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò lè sí álíkẹ́nì oníkábọ́ọ̀nù kan, nítorí pé kábọ́ọ̀nù méjì ló ń so C=C; láti orí ẹ́tẹ́nì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Tí ẹ bá jẹ́ kí ẹ́tẹ́nì gba inú omi brómíìnì kọjá, àwọ̀ ọsàn tó wà lára omi náà yóò parẹ́, nítorí pé C=C ti gbé brómíìnì mì. Ẹ́tánì kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ẹ ṣáà má ṣe é nínú oòrùn, torí pé ìmọ́lẹ̀ oòrùn lè mú kí álíkánì náà máa jẹ brómíìnì díẹ̀díẹ̀, tí ẹ ó sì rò pé álíkẹ́nì ni. Ti álíkóhọ́ọ̀lù yàtọ̀: ẹyọ sódíọ̀mù kékeré tí wọ́n bá jù sínú ẹ́tánọ́lù tí kò lómi nínú yóò máa hó wùùwù, háídrójìn ló sì ń jáde.

Ìdánwò wọ̀nyí kò kọjá kí wọ́n sọ irú ẹgbẹ́ tó wà níbẹ̀. Wọn kò lè sọ iye kábọ́ọ̀nù, bẹ́ẹ̀ iye náà lè já sí ikú. Ní oṣù kẹrin 2015, ní agbègbè Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn tó mu ògógóró bẹ̀rẹ̀ sí í ké pé orí ń fọ́ àwọn, ojú àwọn kò sì ríran dáadáa mọ́. Àwọn kan kú láàárín ọjọ́ kan. Àyẹ̀wò fi hàn pé mẹ́tánọ́lù ló fà á. OH kan náà ló wà nínú mẹ́tánọ́lù àti ẹ́tánọ́lù, sódíọ̀mù yóò hó nínú méjèèjì, ojú lásán kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n nínú ara èèyàn, ásíìdì tó ń ba iṣan ojú jẹ́ ni oníkábọ́ọ̀nù kan ń dà. Ìwọ̀n ìgbóná tí wọ́n fi ń hó ló yàtọ̀, 65°C fún mẹ́tánọ́lù, 78°C fún ẹ́tánọ́lù. Síbẹ̀ tí wọ́n bá ti dàpọ̀, ẹ̀rọ tó ń ya èròjà sọ́tọ̀ ní yàrá àyẹ̀wò ló lè sọ èyí tó wà níbẹ̀ àti bó ṣe pọ̀ tó.