Èésú àti Kọpuratífù: Ta Ló Ń Ru Ewu?

Kí òfin kọpuratífù tó dé Nàìjíríà ní 1935, èésú làwọn bàbá wa fi ń kó owó ọjà jọ. Samuel Johnson mẹ́nu bà á nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921.

Ká ní ẹni mẹ́wàá ń dá ₦20,000 lóṣooṣù. Ẹni àkọ́kọ́ kó ₦200,000, ó ṣẹ́ ku ₦180,000 tó máa dá, láìsí èlé. Tó bá sá lọ, ẹni tí kò tíì kó ló pàdánù owó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ẹni tí wọn ò mọ agboolé rẹ̀ sẹ́yìn.

Kọpuratífù ń gba èlé àti onídùúró. Bọ́jà kùtà, èlé ò dúró. Báyàáwó bá sá, owó onídùúró ni wọ́n ń yọ. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé fún ẹnikẹ́ni, ẹ bèèrè iye tóun náà ti fi pamọ́ síbẹ̀.